Fóònù mi ní owó ti lọ, oníbàárà ní òun kò rí i

Ìyá Aládìrẹ, Orísunmbárẹ́: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Oníbàárà kan ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀kan ti ṣí láwọ̀, ó dá a padà, mo sì fi 6,500 náírà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Áàpù kọ "Successful", wọ́n sì ti yọ owó lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kẹta rèé, ó ń búra pé kọ́bọ̀ kò wọlé. Ṣé kí n tún òmíràn fi ránṣẹ́ ni?

Alágbo Ìgbọ̀nà: Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Láàárín wákàtí 24 ó máa ń padà fúnra rẹ̀.

Bàbá Elépo: Olè ni wọ́n! Àláàtì èké ni wọ́n fi gba epo lọ́wọ́ mi. Kí a tó gbé ọjà fúnni, ká wo iye tó wà nínú àkáǹtì.

OníPOS Òkè-Fìà: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, àmọ́ Ìyá ló fowó ránṣẹ́ níbí. Alágbo, owó tó kùnà ló ń padà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti kọ "Successful", báǹkì kejì ti gbà á nìyẹn. Ìyá, ẹ má tíì fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ ṣí rìsíìtì inú áàpù, ẹ wá Session ID, nọ́ńbà 30 ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì tí owó ti kúrò, 12 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti àkókò. Bí ó bá jẹ́ 251016143205, ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán kọjá díẹ̀. Báǹkì tirẹ̀ ni kí ó gbé e lọ, àwọn ni wọ́n máa fi tọpasẹ̀ owó. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ báǹkì tó gbà á lórí rìsíìtì.

Ìyá Aládìrẹ: Háà! Kì í ṣe báǹkì tó ń yẹ̀ wò. Orúkọ rẹ̀ sì jáde pé pérépéré!

OníPOS Òkè-Fìà: Ibẹ̀ gan-an ni. Nọ́ńbà fóònù láìsí òdo iwájú ni púpọ̀ nínú àwọn áàpù ìfowópamọ́ orí fóònù fi ń ṣe nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó bá ní méjì, nọ́ńbà kan náà, orúkọ kan náà ni yóò jáde ní méjèèjì. Ta ló yan báǹkì?

Ìyá Aládìrẹ: Nọ́ńbà nìkan ló fún mi. Áàpù ló gbé báǹkì yẹn jáde, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé pé òun ṣí i rí, síìmù yẹn sì ti sọnù.

OníPOS Òkè-Fìà: Kí ó gba síìmù náà padà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, torí orí rẹ̀ ni kóòdù tí yóò fi ṣí áàpù máa wọlé. Bí wọ́n bá ti fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ àti Session ID tọ ilé-iṣẹ́ áàpù náà lọ. Bí ó bá fi ẹ̀sùn sílẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí èsì, kí ó kọ̀wé sí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní cpd@cbn.gov.ng.

Alágbo Ìgbọ̀nà: Kó tó rí síìmù gbà ńkọ́? Ìyá ló yẹ kó fún un lówó.

Oníbàárà-ọjà Àlẹ́kúwodò: Rárá o. Àkáǹtì tirẹ̀ lowó wà.

Ìyá Aládìrẹ: Mo ti fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí i. Ó ní lọ́la lòun máa lọ ṣe síìmù.