Kindle Countdown Deal fún ìwé alámì-àwòrán: ṣé èrè ṣì wà ní $0.99?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìwé lórí KDP. Ìwé orí ẹ̀rọ lórí ìkòkò mímọ ní Dada, ní Ìlọrin níbí, ni mo ń béèrè nípa rẹ̀. Àwòrán kún inú rẹ̀, mẹ́gábáìtì 6 ni fáìlì rẹ̀, $4.99 ni mo sì ń tà á ní Amazon.com. Ìpín 70% ni mo mú, àmọ́ wọ́n ń kọ́kọ́ yọ owó ìfiránṣẹ́, $0.15 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. $0.90 lọ, $2.86 ló ń kàn mí.

Ẹ̀dínwó Countdown ló ń kọ mí lóminú. Lóòótọ́, 70% á dúró bí mo bá tiẹ̀ já a sí $0.99, ṣùgbọ́n owó ìfiránṣẹ́ kì í dín. Ẹ yọ $0.90 kúrò nínú $0.99: sẹ́ńtì 9 péré ló kù, tèmi nínú rẹ̀ ò ju 6 lọ! Bí mo bá fọwọ́ ara mi já iye náà lábẹ́ ìpín 35%, fáìlì tó ju mẹ́gábáìtì 3 lọ bíi tèmi kò lè wálẹ̀ ju $1.99 lọ; sẹ́ńtì 70 ni yóò kàn mí, torí wọn kì í yọ owó ìfiránṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ sí mẹ́gábáìtì 1, ṣé ilà wẹ́wẹ́ ara ìkòkò ṣì hàn lójú Kindle? Sẹ́ńtì 59 nìyẹn yóò fún mi ní $0.99 ti Countdown. Àbí kí n fi ẹ̀dínwó mọ sí $1.99? Ti ìwé títẹ̀, mi ò ní já a wálẹ̀ ju $9.99 lọ, torí lábẹ́ rẹ̀ ni 60% ti ń di 50%.