Ṣé kí n gbé owó ìfẹ̀yìntì mi lọ síbi tí owó iṣẹ́ ti kéré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Iléṣà tí ẹ mọ ìṣirò owó.

Owó iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ń yọ lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwa tá a ṣì ń ṣiṣẹ́, gbogbo owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ lé lórí, kì í ṣe èrè nìkan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ kí wọ́n tó kéde iye yúníìtì, ìyẹn iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan nínú owó náà tó, ìdí nìyẹn tí ojú wa kì í fi í tó o.

Ká ní mílíọ̀nù kan náírà ń jèrè ìdá 10 nínú 100 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún 30, ó máa di nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.4. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá 1.5, tí èrè ku 8.5, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11.6 péré ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ti lọ nìyẹn, torí owó tí wọ́n yọ kò lè bímọ mọ́.

Láti 2020 la ti lè gbé àkáǹtì lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó jèrè dáadáa. Iye yúníìtì ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ fi wé ara wọn, nítorí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ṣé ó tó, àbí kí n wo ọdún mẹ́wàá?