Ìfẹ̀kọjá ni àbí ìrẹ́létí? Orúkọ tó yẹ fún Overscan

Olùtumọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé ìtọ́sọ́nà kan ni mò ń túmọ̀, lórí bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣàn. Ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, Overscan, ló ń dà mí láàmú. Mo kọ́kọ́ kọ “àyẹ̀wòjù”, àmọ́ kò dùn létí mi. Tèmi gan-an sì ń ṣe é: bí mo bá so kọ̀ǹpútà mi mọ́ tẹlifíṣàn, ìdajì aago tó wà nísàlẹ̀ ni mo máa ń rí. Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ, kí sì ni kí n ṣe sí i?

Bàbá Olùkọ́: Ọmọ mi, gbàgbé àyẹ̀wòjù. Ta ló ń yẹ kí ni wò níbẹ̀? Ohun tí ojú bá rí ni ká fi sọ nǹkan lórúkọ. Etí àwòrán gé, nítorí náà mo dábàá “ìgékù etí”. Bí ìwé náà bá dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ààlà dúdú tó yí àwòrán ká, orúkọ yẹn náà ni kí o lò. Àìsàn kan náà ni, ojú tó fi ń jáde ló yàtọ̀.

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi náà kò fẹ́ àyẹ̀wòjù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, torí ó máa ràn wá lọ́wọ́. Tẹlifíṣàn àtijọ́, èyí tó ní ìdí gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn, kì í gbé àwòrán jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtànṣán kan ló máa ń sáré láti òsì lọ sí ọ̀tún lẹ́yìn gíláàsì, tó ń fa ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sísáré yẹn ni apá kejì orúkọ náà ń sọ, kì í ṣe yíyẹ nǹkan wò. Bí agbára iná bá ń lọ sókè sódò, tàbí tí ẹ̀rọ bá ti ń darúgbó, àwòrán lè súnkì tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ojú wa má baà rí etí tí kò dúró sójú kan, àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìtànṣán náà sáré kọjá etí gíláàsì, kí férémù bo ìyókù.

Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ kò ní ìtànṣán kankan. Písẹ́lì rẹ̀ níye, wọn kì í sì í ṣípò: 1920 ní ìbú, 1080 lóòró, fún ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀ àṣà àtijọ́ yẹn kò kúrò lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì máa ń na àwòrán tó bá gba HDMI wọlé, wọ́n á sì gé ohun tó bá yọ jáde dànù. Ká ní ó ń gé ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Písẹ́lì 48 lọ lápá òsì, 48 lápá ọ̀tún, 27 lókè, 27 nísàlẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 1824 lórí 1026, òun náà ni tẹlifíṣàn á nà títí á fi kún ojú rẹ̀. Nínú sinimá, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ kọ̀ǹpútà máa ń lo àwòrán rẹ̀ dé bèbè: aago wà nísàlẹ̀ pátápátá, àmì tí a fi ń pa wíńdò dé wà ní kọ̀rọ̀ òkè.

Bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yà nìyí. Ààlà dúdú kì í ṣe àìsàn yẹn, oògùn rẹ̀ ni. Àwọn ètò kan nínú kọ̀ǹpútà mọ̀ pé tẹlifíṣàn lè na àwòrán, nítorí náà wọ́n á ti mú un súnkì kó tó jáde. Bí tẹlifíṣàn bá nà án, ó bára mu. Bí tẹlifíṣàn kò bá nà án, àyè tí a fi sílẹ̀ yíká á ṣófo, á dúdú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì tó dojú kọra ni a nílò. Èmi ń sọ pé “ìfẹ̀kọjá” fún ti tẹlifíṣàn, “ìsúnkì” fún ti kọ̀ǹpútà.

Onísinimá: Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n! Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyí. Bí mo bá fi sinimá sí i, dúdú máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀, kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti wá ìsúnkì yẹn títí nínú kọ̀ǹpútà, mi ò rí i.

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Tìrẹ yàtọ̀, àbúrò. Ọ̀pọ̀ sinimá ni a yà kí ìbú rẹ̀ tó ìlọ́po 2.39 òòró rẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ 1920, òòró á jẹ́ nǹkan bí 803, dúdú tó máa kù lókè á tó písẹ́lì 138, bẹ́ẹ̀ náà ni nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Pa sinimá náà, kí o wo ojú kọ̀ǹpútà lásán. Bí dúdú bá ṣì yí i ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà yẹn ni kí o padà wá.

Àǹtí Onígírámà: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ forí jì mí, “ìgékù” kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Bí mo bá gé búrẹ́dì, ìgékù ni èyí tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo gé e. Etí tí tẹlifíṣàn gé dànù kò kù sílẹ̀. Ohun tí a ń wò lójú tẹlifíṣàn ló kù. Bí a bá fẹ́ dárúkọ gígé yẹn, “ìrẹ́létí” dáa jù, torí a máa ń rẹ́ nǹkan létí kó lè wọ àyè kan.

Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú “ìfẹ̀kọjá” náà. Aṣọ fẹ̀, yàrá fẹ̀, kò sẹ́ni tó ń “fẹ̀” wọn. Ipò tí nǹkan wà ni “fẹ̀” ń sọ. Tẹlifíṣàn ní tirẹ̀ ń ṣe nǹkan sí àwòrán. “Nà” ló yẹ ká lò: ìnàkọjá.

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Ìnàkọjá! Àǹtí, ẹni tó bá rí i lójú tẹlifíṣàn rẹ̀ á rò pé wọ́n na ẹnì kan kọjá àlà ni.

Àǹtí Onígírámà: Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. A ń na rọ́bà, kò pariwo.

Bàbá Olùkọ́: Mo gbà pé ìgékù kò dáa. Ìrẹ́létí wù mí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn nílò orúkọ ohun tí kò rí. Gígé ló rí, kò rí nínà.

Olùtumọ̀: Ẹ dákun, mo ti dán nǹkan kan wò. Mo wọ inú ètò àwòrán lórí kọ̀ǹpútà mi, mo rí ọ̀pá kékeré kan tí a ń fà sọ́tùn-ún sósì, mo fà á títí àwòrán fi súnkì. Gbogbo etí ló padà, aago sì pé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà gbogbo wá rí bí ẹni pé omi dà sí wọn. Ṣé ojú mi ni?

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Kì í ṣe ojú rẹ. Bàbá, ẹ wo bí nínà tí a kò rí ṣe fara hàn. Kọ̀ǹpútà ya lẹ́tà sórí 1920, o ní kó rọ́ ọ sínú nǹkan bí 1824, tẹlifíṣàn sì tún nà án padà sí 1920. Etí pé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti po àwòrán náà. Ìlà tó jẹ́ písẹ́lì kan ní fífẹ̀ ti di eérú lórí méjì tàbí mẹ́ta.

Tẹlifíṣàn ni kí o kọ́kọ́ mú. Mú rìmóòtù rẹ̀, kí o lọ síbi tí a ti ń yan ìwọ̀n àwòrán, níbi tí 16:9 àti Zoom wà. Ohun tí ò ń wá ni èyí tí kò ní na àwòrán rárá. Orúkọ rẹ̀ kò dọ́gba: ó lè jẹ́ Just Scan, Screen Fit, Full Pixel, Dot by Dot, tàbí kó kàn kọ Overscan kó sì ní kí o yan Off. Má yan 16:9 kí o rò pé o ti ṣe é. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, 16:9 gan-an ló ń nà án. Bí o kò bá rí ìkankan, wá ibi tí a ti ń sọ ihò HDMI lórúkọ, kí o pe ihò náà ní PC. Àwọn tẹlifíṣàn kan á jáwọ́ nínú nínà nítorí orúkọ yẹn nìkan.

Lẹ́yìn náà, padà sí kọ̀ǹpútà, kí o fa ọ̀pá yẹn lọ sí 0%. Bó bá jẹ́ Linux lo ń lò, tí ètò àwòrán rẹ̀ sì ní i, àṣẹ yìí ló ń mú ìsúnkì kúrò. Fi orúkọ ihò tí `xrandr` bá kọ fún ọ rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

```
xrandr --output HDMI-1 --set underscan off
```

Láti mọ̀ pé ó tọ́, ya àwòrán 1920 lórí 1080, kí o fa ìlà pupa onípísẹ́lì kan sí bèbè rẹ̀ yíká, kí o fi písẹ́lì dúdú àti funfun kún inú rẹ̀ bíi pátákó ayò, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Ṣí i kó gba gbogbo ojú, láìsúnkì láìnà. Ìlà pupa nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìwọ náà ti rí i pé etí lè pé kí àwòrán ṣì pò. Bí inú rẹ̀ bá dọ́gba bí eérú, ó tọ́. Bí o bá rí ìgbì tàbí ìlà tó nípọn tó sì tún fẹ́lẹ́, ẹnì kan ṣì ń nà án.

Olùtumọ̀: Mo yan Just Scan, ni ààlà dúdú bá yọ yíká! Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tí mo fa ọ̀pá kọ̀ǹpútà padà sí 0% ló lọ. Ó wá yé mi pé oògùn tí mo fún un ló kù lára rẹ̀. Inú pátákó ayò náà dọ́gba.

Onísinimá: Mo wo ojú kọ̀ǹpútà lásán: kò sí dúdú rárá. Sinimá náà ni. Àmọ́ tẹlifíṣàn àǹtí mi tó ti pẹ́ ń gé etí, mẹ́nù rẹ̀ kò sì ní ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn.

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Gbìyànjú 1360x768 tàbí 1366x768 láti orí kọ̀ǹpútà, bó bá wà nínú àwọn tó gbé kalẹ̀. Àwọn tẹlifíṣàn kan máa ń na kìkì ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ sí ti ètò tẹlifíṣàn, bíi 1280x720 àti 1920x1080, wọ́n á sì fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ìsúnkì ló kù, kí ẹ fara da lẹ́tà tó pò.

Olùtumọ̀: Nínú ìwé, mo máa kọ “ìnàkọjá” sí ti tẹlifíṣàn, “ìsúnkì” sí ti kọ̀ǹpútà, “ìrẹ́létí” á sì jẹ́ ohun tí ènìyàn rí.

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Ìfẹ̀kọjá ni tèmi ṣì jẹ́.

Bàbá Olùkọ́: Ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún bọ́tìnì kan. Èwo nínú wọn ló máa wọ inú mẹ́nù láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ létí?