Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe dán òwò wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó ìpamọ́

Ìyá Sóbò Òkè-Fíà:
Ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó fríísà àti jẹnẹrétọ̀, torí mo fẹ́ máa ta sóbò tútù ní Ọláìyá, ní Òṣogbo níbí. Kí n tó tọ́ owó yẹn wò, mo yá kúlà àbúrò mi, mo ra isápá, ọ̀pẹ òyìnbó, atalẹ̀, ṣúgà, ike àti yìnyín. Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, títí kan gáàsì àti owó kẹ̀kẹ́, ₦5,200 ló lọ sórí ike 20, ₦400 ni mo sì ń ta ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ike 13 ló máa dá owó padà, ike kẹrìnlá ni èrè ti ń bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ bá tán, ₦2,800 ló kù sọ́wọ́. Sóbò tí yìnyín bá ti yọ́ lára ẹ̀ kì í dúró dọ̀la, ó máa kan ni, ìyẹn ni mo ṣe ń wo iye tó ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́ ju iye tí mo tà lọ.

Ohun tí mo wá ń kọ sínú ìwé ni ẹni tó padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé mo pè é. Àwọn ọmọ yunifásítì rà á, wọ́n ní ó dùn, mi ò rí wọn mọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló ń padà wá, ọ̀sán gan-gan sí nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n ní kí n dín ṣúgà kù. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Kúlà àti yìnyín ti tó fún wákàtí díẹ̀ yẹn, kí ni fríísà fẹ́ wá ṣe? Owó ẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Bọ̀dá Ìgbọ́nà:
Ẹ̀yin lẹ ń fi nǹkan falẹ̀ ní tiyín. Èmi dín ṣinṣín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó ṣe gíréèsì ó ti tán. Ọjà ti yá nìyẹn, mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Sóbò Òkè-Fíà:
Bọ̀dá, ẹ ṣe dáadáa pé ẹ tà á, torí ẹni tó bá ní "màá rà" kò tíì sanwó. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn mọ̀ yín, wọ́n ń fi bá yín yọ̀ ni. Ẹ gbé e síwájú ẹni tí kò mọ̀ yín, ní iye tẹ́ ẹ máa tà á nígbà tẹ́ ẹ bá ń san owó ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wo ẹni tó máa padà wá.

Ọmọ Aláàdìrẹ:
Àsìkò náà ṣe kókó o. Mo gbé àdìrẹ díẹ̀ jáde nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, àwọn àlejò rà á bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Mo tún gbé irú ẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án, tí ìlú ti padà sí bó ṣe máa ń rí, ọjà ò lọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ti oṣù kẹsàn-án yẹn ni mo fi ń ṣírò iye aṣọ tí mo máa rẹ láro báyìí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń háyà kúlà ńlá ní Òṣogbo? A ní òde lọ́jọ́ Sátidé.

Baba Adìẹ:
Ti sóbò rọrùn. Adìẹ tí mo fẹ́ sìn fún ẹyin ńkọ́? Látìgbà tó bá ti jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan, ó máa tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀ kó tó yé, oúnjẹ nìkan lo máa rà. Báwo lèèyàn ṣe máa dán ìyẹn wò ní kékeré?

Tíṣà:
Ẹ má tíì sin adìẹ, sà. Ẹ ra kíréètì díẹ̀ lóko ẹni tó ti ń sìn, kẹ́ ẹ máa gbé e fáwọn tó ń se indomí àtàwọn tó ń ṣe kéèkì. Ẹ máa mọ ẹni tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ àtẹni tó ń ní "ẹ padà wá lọ́la", ẹ máa mọ iye tó ń fọ́ lójú ọ̀nà.

Baba Adìẹ:
Mo gbọ́, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹyin ẹlẹ́yin tí mo bá tà kò lè sọ fún mi bí àìsàn àti owó oúnjẹ ṣe máa rí. Ṣé àádọ́ta adìẹ tó láti mọ ìyẹn, àbí oúnjẹ tí mo máa rà ní ẹyọ-ẹyọ máa wọ́n débi pé ìṣirò náà á ṣì mí lọ́nà? Ẹni tó bá ti sìn ín rí, ẹ dá mi lóhùn.