Ẹ bá mi wo fọ́tò gíráńdà yìí: ojúlówó ni àbí ayédèrú?

Àdìgún
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ ra gíráńdà ńlá alálòkù, irú èyí tó ń gbé díìsìkì 230 mílímítà. Ọ̀nà jìn sí ẹni tó ń tà á, fọ́tò mẹ́rin yìí nìkan ló fi ránṣẹ́. Ẹ ó rí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà tó yọ sókè lára rọ́bà líle ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé igun àwọn lẹ́tà náà rí roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Ìlà kan tún wà lórí gíà tó là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, sukúrúù ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ olórí àgbélébùú. Ohun tí mo kà lára lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ nìyí:

```
220V~  50/60Hz
2400W  5.5A
n0 11000/min
Ø230mm  M14
```

Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó ń tà á ní ojúlówó ni, ó ní òun lè búra.

Sàká
Sukúrúù yẹn ti tú àṣírí ẹ̀. Olórí ìràwọ̀ ni ojúlówó máa ń lò. Tó o bá ti rí àgbélébùú, ayédèrú ni, má wulẹ̀ wo ibòmíì.

Ìyá Rónkẹ́
Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Dírììlì tèmi ń rùn bí ohun tó ń jóná tí mo bá ti lò ó díẹ̀, iná kéékèèké sì ń ta láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ayédèrú nìyẹn náà?

Bàbá Ìdòwú
Ìyá Rónkẹ́, iná kéékèèké ibi kábọ̀nù máa ń wà lára ojúlówó pàápàá. Tó bá yí ibẹ̀ ká tán bí òrùka, tó sì ń rùn, ẹ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró kí ẹ tú kábọ̀nù rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe nìyẹn, kò sọ bóyá ayédèrú ni.

Àdìgún, ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà àti sukúrúù sílẹ̀ ná, ká mú lébẹ̀ẹ̀lì, torí ìṣirò kì í ṣojúsàájú. Tí ẹ bá fi okùn wọn etí díìsìkì 230 yíká, á tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 72. Yíyí 11,000 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bí ìgbà 183 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, ẹ ó rí i pé etí díìsìkì náà á máa sáré mítà 132 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ lọ wo díìsìkì tí à fi ń gé irin, mítà 80 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i pé kó má kọjá. Ìdí nìyẹn tí gíráńdà 230 kì í fi í ju nǹkan bí 6,600 lọ. Gíráńdà kékeré, 115 tàbí 125, ló ń yí 11,000. Lójú tèmi, ẹnì kan ló da ọ̀rọ̀ ti kékeré kọ sára ti ńlá.

Ẹ tún wo wáàtì. Fóltì 220 lọ́nà áńpù 5.5 jẹ́ 1,210. Wáàtì tí irinṣẹ́ ń fà kò lè ju iye yẹn lọ, síbẹ̀ 2,400 ni wọ́n kọ. Èyí tó bá ń fa 2,400 lóòótọ́ á gba áńpù 11 tàbí kó lé díẹ̀. Lébẹ̀ẹ̀lì tó ń ta ko ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ti ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Sàká, o gbìyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ sukúrúù kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ Makita ló ń lo àgbélébùú. Bosch àti DeWalt ló fẹ́ràn ìràwọ̀. Aláyédèrú náà sì lè ra sukúrúù onírààwọ̀ lọ́jà. Ohun tó dára jù ni kí Àdìgún wá àwòrán tó tú irinṣẹ́ náà palẹ̀, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbé síta fún àwọn atúnrinṣẹ́ṣe, kó wo irú sukúrúù tí wọ́n yà síbẹ̀ gan-an.

Sàká
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò kejì, mẹ́ta nínú sukúrúù ọwọ́ rẹ̀ ń dán, ẹ̀kẹrin dúdú. Ìyẹn náà ńkọ́?

Bàbá Ìdòwú
Ojú ẹ dáa. Ìyẹn fi hàn pé ẹnì kan ti tú u rí. Bí orí sukúrúù náà bá ti bó, ó ti tú u ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò tíì sọ pé ayédèrú ni.

Mújìdá
Ilé ìdàrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlà orí gíà. Kò sí alumíníọ̀mù tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀lù tí kì í ní ìlà níbi tí apá méjì mọ́ọ̀lù ti pàdé, ojúlówó náà ní i. Bí ìlà náà ṣe rí ni kí ẹ wò. Tó bá tín-ínrín, tí ìka kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ọ, ó dáa. Nínú fọ́tò kẹta, apá ọ̀tún yọ ju apá òsì lọ, ó dà bí àtẹ̀gùn kékeré. Apá mọ́ọ̀lù méjèèjì kò bá ara wọn mu nìyẹn. Ẹ tún wo abẹ́ ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ipa fáìlì wà níbẹ̀ ní gbọọrọ, wọ́n fi ọwọ́ ha ohun tó ṣẹ́kù dànù ni. Àmọ́ ọ̀dà yẹn nípọn. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló tún un kùn, torí náà mi ò ní búra.

Ní ti lẹ́tà, irin ni wọ́n gé ti ojúlówó sí nínú mọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi tẹ́, tí igun rẹ̀ sì mú. Ẹni tó fi irinṣẹ́ tó ti jáde ṣe àpẹẹrẹ mọ́ọ̀lù tirẹ̀, igun yẹn á sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlòkulò náà ń jẹ́ kí lẹ́tà rí roboto. Ìyàtọ̀ wọn wà ní ìsàlẹ̀: ìlò máa ń jẹ orí lẹ́tà, kì í dé ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà ti kan ara irinṣẹ́. Tí ẹsẹ̀ náà bá rọ̀ bí orí, bó ṣe jáde nínú mọ́ọ̀lù nìyẹn. Fọ́tò tó gba orí fóònù wá ti sọ gbogbo ẹ̀ di bàìbàì, mi ò rí ẹsẹ̀ lẹ́tà kankan.

Àdìgún
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kò lè jẹ́ pé ara rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, tí atúnrinṣẹ́ṣe kan wá lẹ lébẹ̀ẹ̀lì mìíràn mọ́ ọn?

Bàbá Ìdòwú
Ó ṣeé ṣe. Lébẹ̀ẹ̀lì máa ń bó. Àmọ́ nígbà náà, wọn ò ní mọ irú tó jẹ́ mọ́, ìwọ náà ò sì ní mọ eré rẹ̀. Èmi ò ní fi díìsìkì 230 sí i.

Mújìdá
Èmi ṣì fẹ́ rí fọ́tò mìíràn kí n tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Sọ fún un kó tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kó má tàn án láti iwájú, kó ya lẹ́tà àti ìlà yẹn súnmọ́. Kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kí fóònù má bàa fún un pọ̀.

Àdìgún
Mo ti kọ̀wé sí i. Ó ti kà á, kò tíì dáhùn.