Àbọ̀ ìrìnàjò mi sí ayẹyẹ àárín ìlú

“Bí mo bá gbé ọkọ̀ sí páàkì ẹ̀yìn ìlú, tí mo wọ tíráàmù lọ síbi ayẹyẹ, ṣé màá lè padà lálẹ́?”

Ìbéèrè tí mo bi yín kí n tó lọ nìyẹn. Mo ti dé o, ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín. Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ wo aago tí wọ́n ń ti géètì páàkì ló gbà mí: aago 11 ni wọ́n ń tì í, bẹ́ẹ̀ tíráàmù ṣì ń ṣiṣẹ́ di ọ̀gànjọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọ̀fẹ́ ni páàkì kù díẹ̀, nítorí ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù nìkan ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún. Ìwé méjì ni ẹ̀rọ yọ fún mi, ọ̀kan fún ojú gíláàsì ọkọ̀, ìkejì fún àpò mi. Nígbà tí ayẹyẹ tú, tí èrò kún ibùdókọ̀ ẹnu ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí èyí tí tíráàmù ń kọ́kọ́ dé kó tó dé ibẹ̀, mo sì ríbi jókòó. Ní ti kẹ̀kẹ́ tí ẹnìkan béèrè, n kò rí ẹni tó gbé e wọ inú tíráàmù.