Wọ́n ní o lè yọ ẹyọ nọ́ńbà kan: ta ló ti bá ìbéèrè yìí pàdé rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ará, wọ́n bi mí lánàá nínú intafíù. Nọ́ńbà tò léra, kí n mú apá kan tó tẹ̀léra tí àròpọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, mo sì láyè láti yọ ẹyọ kan sọnù nínú ẹ̀. Mo ní màá wá apá tó pọ̀ jù, màá wá yọ èyí tó kéré jù níbẹ̀. Wọ́n ní rárá. Kí ló burú níbẹ̀?

Àdùkẹ́ Ṣàgámù: Ṣebí Kadane náà nìyẹn, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wá apá tí àròpọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Bọ̀dá Àgọ́-Ìwòyè: Kadane nìkan ò tó, àbúrò. Èmi náà ṣe bíi tiẹ̀ kó tó yé mi. Ìyá mi ń ta gàrí l'Ókè-Ajé, ká ní èrè ọjọ́ méje wọn, ní ẹgbẹ̀rún náírà, jẹ́ 5, -2, 4, -10, 6, 3, -1, ọjọ́ kẹrin yẹn òjò wọnú àpò gàrí. Apá tó pọ̀ jù ni 6 àti 3, ó jẹ́ 9, kò sí nǹkan tí wàá yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yọ ọjọ́ òjò yẹn, 7 wà lápá òsì, 9 lápá ọ̀tún, ó di 16! -10 yẹn ni kò jẹ́ kó o rí òdì kejì. Nítorí náà mo rìn láti iwájú, mo kọ èrè tó dára jù tó parí sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú `fw`: 5, 3, 7, -3, 6, 9, 8. Mo tún rìn padà láti ẹ̀yìn, mo kọ èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sínú `bw`: 7, 2, 4, -1, 9, 3, -1. Mo wá dúró lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo so aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo sì fi wé 9 tí kò yọ nǹkan kan.

```
fw[i] = max(a[i], fw[i-1] + a[i])
bw[i] = max(a[i], bw[i+1] + a[i])
best  = max(best, fw[i-1] + bw[i+1])
```

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọjọ́ tí ìyá pàdánù pamọ́? Owó ti lọ náà ló lọ.

Bọ̀dá Àgọ́-Ìwòyè: Mà, a ò fi pamọ́ o, ìbéèrè ló fún wa láyè ẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Tèmi burú jù. Mo bẹ̀rẹ̀ `best` láti 0, gbogbo tẹ́ẹ̀sì sì ń kọjá títí wọ́n fi gbé -4, -2, -5 wá. Kóòdù mi ní 0, ìdáhùn sì jẹ́ -2, torí nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Láti nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́ Ṣàgámù: Tó bá jẹ́ -3 nìkan ló wà ńkọ́, tí mo yọ ọ́, ṣé kì í ṣe 0?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Rárá, kò ní ku nǹkan kan nìyẹn. -3 ni.

Àdùkẹ́ Ṣàgámù: Ó sinmi lórí bí wọ́n ṣe kọ ìbéèrè. Mi ò tíì gbà.

Ayọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó: Kí lẹ ń to ìlà méjì sí? Nọ́ńbà méjì tó: èyí tí kò tíì yọ, èyí tó ti yọ. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa rìn.

Bọ̀dá Àgọ́-Ìwòyè: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "èyí tó ti yọ" ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Tó o bá ti sọ èyí tí kò yọ di tuntun, ó ti ka òní mọ́ ọn, ó wá di pé o ní o yọ òní nígbà tó ṣì wà nínú àròpọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe yẹn, ìdí tí mo fi ń to ìlà méjì nìyẹn, mo máa ń rí ohun tí mò ń ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ó ti yé mi o, ẹ ṣé. Tí wọ́n bá wá ní kí n yọ méjì ńkọ́?